Ta Ni Yóò San Owó Òpó Iná?

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká GSM wọ Nàìjíríà. Ìṣẹ́jú kan jẹ́ 50 náírà, síìmù sì wọ́n débi pé ẹni tó bá ní in kì í fi fóònù rẹ̀ pa mọ́ sápò. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Glo dé, tó ní ìṣẹ́jú-àáyá tí èèyàn bá lò nìkan ni òun yóò gba owó rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn tó ti wà nílẹ̀ náà fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu àwọn èèyàn nígbàkigbà tí iná bá lọ: kí ló dé tí ìjọba kò ṣe iná mànàmáná bí wọ́n ṣe ṣe fóònù? Kí ilé-iṣẹ́ mẹ́rin máa du oníbàárà ní àdúgbò kan náà, kí èyí tí kò bá ṣe dáadáa sì kógbá wọlé.

Ẹni tó bá dúró lẹ́bàá títì ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, tó gbójú sókè, yóò rí ìdáhùn níbẹ̀. Wáyà tó gba orí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kọjá náà ló gba iwájú ilé oúnjẹ, tó sì yà wọ inú àdúgbò. Ká ní ilé-iṣẹ́ kejì fẹ́ wá ta iná níbẹ̀, yóò ní láti ri òpó tirẹ̀, kó ta wáyà tirẹ̀, kó ra tiransífọ́mà tirẹ̀, kó tó lè tan gílóòbù kan ṣoṣo. Owó òpó yóò di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n iná tí télọ̀ ń lò kò ní torí ẹ̀ pọ̀ sí i. Ilé-iṣẹ́ méjèèjì yóò pín oníbàárà kan náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, olúkúlùkù yóò sì fẹ́ gba owó òpó tirẹ̀ padà lára ìdajì tó kù sí i lọ́wọ́. Ìyẹn ni pé owó iná yóò ga ju ti ìgbà tí ẹnì kan ń tà á lọ. Ti fóònù yàtọ̀, nítorí òpó kan ń bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sọ̀rọ̀ láti ojú òfuurufú, kò sí wáyà tó gbọ́dọ̀ wọ ilé ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Òwò tó bá rí báyìí, tó jẹ́ pé owó tí ẹnì kan yóò fi ṣe é kéré sí èyí tí ẹni méjì yóò ná, ni a lè pè ní òwò àdáṣe. Omi ẹ̀rọ wà lára wọn, ojú irin wà níbẹ̀, afárá náà sì wà níbẹ̀. Kì í ṣe pé ẹnì kan fi èrú lé àwọn yòókù kúrò lójà; bí iṣẹ́ náà ṣe rí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dá ọjà tà, tí oníbàárà kò ní ibòmíràn tó lè sá lọ, lè pe iye tó bá wù ú. Nítorí náà ni ìjọba fi máa ń gbé àjọ kan kalẹ̀ tí yóò sọ iye tó gbọ́dọ̀ gbà. Ní Nàìjíríà, NERC ni àjọ náà fún iná, ọdún 2005 ni wọ́n sì dá a sílẹ̀.

Iye wo wá ni kí àjọ náà sọ? Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ẹ jẹ́ ká fi ìlú kékeré kan ṣe àpẹẹrẹ. A yan àwọn nọ́ńbà rẹ̀ kí ìṣirò lè rọrùn ni. Kì í ṣe ti ìlú kankan ní pàtó. Ìlú náà ní 1,600 ilé. Owó òpó, wáyà, tiransífọ́mà, owó oṣù òṣìṣẹ́, èlé owó tí wọ́n yá àti èrè tó tọ́ sí ẹni tó dá owó sílẹ̀ jẹ́ 4,800,000 náírà lóṣù. Owó yìí kò mọ̀ bóyá ará ìlú tan iná tàbí wọn kò tàn án. Bí gbogbo wọn bá tìlẹ̀kùn tí wọ́n lọ ṣe ọdún Iléyá níbòmíràn, iye náà ni yóò jẹ́. A ó máa pè é ní owó ìpìlẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, yúnìtì iná kọ̀ọ̀kan tí ilé-iṣẹ́ apínná bá rà lọ́wọ́ àwọn amúnáwá jẹ́ 40 náírà. Ìyẹn ni owó àfikún, ohun tí yúnìtì kan sí i ń fà lápò, láìka òpó tó ti wà nílẹ̀.

Bí iná bá ṣe wọ́n tó ni àwọn ará ìlú yóò ṣe dín in kù. Bí yúnìtì kan bá jẹ́ 120 náírà, wọn yóò lo 80,000 yúnìtì lóṣù. Bí ó bá jẹ́ 80 náírà, wọn yóò lo 120,000. Bí ó bá wálẹ̀ sí 40, yóò di 160,000, torí ẹni tó ń fi èédú lọ aṣọ yóò padà sídìí áyọ́ọ̀nù, aláǹtakùn ìwé á tan ẹ̀rọ tó ti bò mọ́lẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ tí kò sí ẹni tó dá a lẹ́kun yóò tà á ní 120 náírà. Ó ta iná díẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó bá ti san gbogbo ìnáwó rẹ̀, 1,600,000 náírà á kù sí i lọ́wọ́ lóṣooṣù, lórí èrè tó tọ́ sí i tẹ́lẹ̀. Kò sí iye mìíràn tó lè pè tí èrè rẹ̀ yóò ju ìyẹn lọ. Ohun tí àjọ ìjọba wà fún ni láti dí ọ̀nà yẹn.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ tí àjọ náà lè gbà kò ṣòro láti ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Kó ṣírò gbogbo ìnáwó, ti òpó àti ti iná, kó pín in lórí gbogbo yúnìtì tí ìlú ń lò, kó sì ní iye tó bá bọ́ sí ni kí wọ́n máa tà á. Ní ìlú wa yìí, 80 náírà ni yóò jẹ́. Ilé-iṣẹ́ ta 120,000 yúnìtì, ó gba 9,600,000; ó san 4,800,000 fún iná àti 4,800,000 fún owó ìpìlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ìjọba kò fi kọ́bọ̀ kan kún un. Iye ìpíndọ́gba la lè pe èyí, òun sì ni ọ̀pọ̀ àjọ lágbàáyé ń lò, yálà wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ tàbí wọn kò sọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo télọ̀ kan nílùú náà. Yúnìtì kan sí i yóò mú iṣẹ́ wọlé fún un tó tó 60 náírà. Níwọ̀n bó ti jẹ́ 80 ni wọ́n ń tà á, kò ní rà á, yóò sọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀, yóò lọ sílé. Bẹ́ẹ̀, 40 náírà péré ni yúnìtì yẹn ì bá ná ilé-iṣẹ́. Òpó ti wà nílẹ̀, wáyà ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àǹfààní 20 náírà wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò jẹ, tó kàn ṣègbé. Bí a bá kó gbogbo irú yúnìtì bẹ́ẹ̀ jọ nínú ìlú náà, 40,000 ni wọ́n, àǹfààní tó ń ṣègbé sì jẹ́ 800,000 náírà lóṣù.

Fún ìdí yìí ni àwọn kan ṣe ní iye tó tọ́ ni 40 náírà, iye àfikún, kò gbọ́dọ̀ lé. Télọ̀ yóò ra yúnìtì rẹ̀, ìlú yóò lo 160,000. Owó tó wọlé jẹ́ 6,400,000 náírà, gbogbo rẹ̀ sì bá owó iná lọ. 4,800,000 náírà ti owó ìpìlẹ̀ wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó san án. Bí ìjọba kò bá san án, ilé-iṣẹ́ náà yóò wó. Kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan: oṣù tó ń bọ̀, iye kan náà ni, oṣù tó tẹ̀ lé e, bákan náà.

Àríyànjiyàn yìí ti pẹ́. Ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Jules Dupuit, ló kọ́kọ́ fi ìṣirò gbé e kalẹ̀ ní 1844, afárá ló sì fi ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà tí afárá bá ti dúró, ẹlẹ́sẹ̀ kan sí i tó gba orí rẹ̀ kọjá kò dín nǹkan kan kù lára rẹ̀. Owó tí wọ́n ń gbà lẹ́nu afárá ń lé àwọn kan padà, àǹfààní tí wọn ì bá rí lódìkejì sì di òfo. Àwọn ìlú Yorùbá àtijọ́ náà mọ owó oníbodè dáadáa. Ẹni tó bá ru ẹrù wọ̀lú yóò san nǹkan ní ẹnu bodè, ẹni tí ọjà rẹ̀ kò bá sì tó owó bodè, ilé rẹ̀ ni yóò ti jẹ ẹ́. Ní 1938, Harold Hotelling, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, mú ọ̀rọ̀ Dupuit, ó sì nà án dé orí ojú irin, omi àti iná. Ó ní kí gbogbo wọn máa gba iye àfikún nìkan, kí ìjọba fi owó orí tí wọ́n bá gbà lórí ilẹ̀, ogún àti owó tó ń wọlé fún àwọn èèyàn san owó ìpìlẹ̀.

Ronald Coase, ará Bìrìtìkó tó ń kọ́ni ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, tó sì gba ẹ̀bùn Nóbẹ́ẹ̀lì ní 1991, dá a lóhùn ní 1946. Ẹjọ́ rẹ̀ rọrùn láti lóye. Àkọ́kọ́, owó orí kì í já bọ́ láti ọ̀run. Bí owó iná tó ga ṣe ń lé télọ̀ kúrò nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni owó orí náà ń lé àwọn mìíràn kúrò nídìí iṣẹ́ tiwọn. Ìkejì, bí kò bá sí ìgbà kankan tí àwọn tó ń lo nǹkan ń san gbogbo owó rẹ̀, báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ó yẹ ká kọ́ ọ rárá? Afárá tí kò sẹ́ni tó nílò rẹ̀ yóò dàbí afárá tí gbogbo ayé ń gbà, torí ìjọba ló ń san owó méjèèjì.

A lè fi ìlú wa wọn ẹjọ́ àkọ́kọ́ yẹn. Iye àfikún mú àǹfààní 800,000 náírà padà lóṣù, ṣùgbọ́n ìjọba ní láti wá 4,800,000 kó tó rí i. Bí a bá pín èkíní lórí èkejì, ó jẹ́ nǹkan bí 17 kọ́bọ̀ lórí náírà kọ̀ọ̀kan. Bí gbígba náírà kan owó orí bá ń ba ohun tó ju 17 kọ́bọ̀ jẹ́, nínú owó àwọn agbowó-orí, iṣẹ́ tí èèyàn pa tì àti èyí tó sọnù sọ́nà, a jẹ́ pé ìlú ti pàdánù ju ohun tó jèrè lọ. Ẹni tó bá mọ bí owó orí ṣe ń wọlé lọ́wọ́ àwọn ìjọba wa yóò mọ̀ pé 17 kọ́bọ̀ kì í ṣe ààlà tó jìnnà.

Ọ̀rọ̀ Dupuit tún ní ìbòmíràn tó ti yẹ̀. Afárá rẹ̀ kì í kún. Afárá Lẹ́kki sí Ìkòyí tí wọ́n ṣí ní oṣù karùn-ún ọdún 2013 kì í ṣe irú ìyẹn láago méje àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè. Ní aago méjì òru, ọkọ̀ kan sí i lórí rẹ̀ kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ní aago méje, ọkọ̀ kan sí i ń gba àkókò lọ́wọ́ gbogbo ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àkókò yẹn sì ni owó àfikún, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó ń kọ risíìtì rẹ̀. Bákan náà ni iná. Nígbà tí gbogbo ìlú bá tan ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà nírọ̀lẹ́, tí tiransífọ́mà sì ń gbóná, yúnìtì kan sí i kì í tún ṣe 40 náírà mọ́. Ẹni tó bá ní iye àfikún kéré gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè pé: ní aago mélòó?

Coase kò kàn ta ko Hotelling kó sì dákẹ́. Ó ní kí a pín owó náà sí méjì, bí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ṣe pín sí méjì. Kí ilé kọ̀ọ̀kan san owó òpó lóṣooṣù, yálà ó lo iná tàbí kò lò ó. Lẹ́yìn náà, kí yúnìtì kọ̀ọ̀kan jẹ́ iye àfikún. Ní ìlú wa, 4,800,000 tí a pín fún 1,600 ilé jẹ́ 3,000 náírà fún ilé kan. Télọ̀ yóò wá ra yúnìtì rẹ̀ ní 40, kò sì sí owó orí tí ẹnikẹ́ni ní láti san.

Ó dára lórí ìwé, àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ilé méjì. Ilé tó ń lo 75 yúnìtì lóṣù yóò san 6,000 náírà nínú ètò ìpíndọ́gba, 6,000 náà ni yóò sì san nínú ètò alápá méjì. Ẹni tó bá ń lò ju bẹ́ẹ̀ lọ jèrè. Ṣùgbọ́n ìyá arúgbó tó ní gílóòbù méjì àti fáànù kan, tó ń lo 20 yúnìtì, ń san 1,600 tẹ́lẹ̀. Nísinsìnyí yóò san 3,800. Ìlọ́po tó ju méjì lọ ni, kí alájọgbé rẹ̀ tó ń jó irin lè rí iná tó dínwó. Ohun tí ó yẹ kí àjọ tó bá gbọ́n ṣe ni kó má fi owó òpó dọ́gba fún gbogbo ilé, kó wo bí wáyà tó wọlé ṣe tóbi tó. Ẹni tó gba wáyà mẹ́ta fún ẹ̀rọ ńlá ló ń fi ẹrù wúwo sórí òpó. Kó san ti ẹ̀.

Nàìjíríà ti gbìyànjú ètò alápá méjì rí. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2016, owó kan wà lórí ìwé iná tí oníbàárà ń san lóṣooṣù kó tó kan yúnìtì tó lò. Kò sí ohun tí àwọn èèyàn kórìíra tó o. Ìbínú wọn sì ní ìdí, nítorí ìdájọ́ Coase dá lórí pé òpó náà ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò rí iná fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí wọ́n wá ní kó san owó òpó, yóò ní òpó wo? NERC fagi lé owó náà nínú ètò tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2016, wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ wọ inú iye yúnìtì. Bí Nàìjíríà ṣe padà sí ìpíndọ́gba pátápátá nìyẹn.

Ìpíndọ́gba náà ní àrùn tirẹ̀, ó sì pọ̀ níbi tí ẹni tó ń ṣírò ìnáwó bá jẹ́ ẹni tí a fẹ́ san owó fún. Ní 1962, Harvey Averch àti Leland Johnson fi hàn pé bí àjọ kan bá ń fún ilé-iṣẹ́ ní èrè tó dá lórí iye owó tó fi ra dúkìá, ilé-iṣẹ́ náà yóò máa ra dúkìá ju èyí tí iṣẹ́ fẹ́ lọ. Tiransífọ́mà tí kò pọn dandan di ọ̀nà èrè. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ni pé kí a gbé ìnáwó ilé-iṣẹ́ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òmíràn tó ní oníbàárà àti ilẹ̀ tó jọ tirẹ̀, kí a béèrè ìdí tí ọ̀kan fi ń ná ìlọ́po èkejì. Ó kéré tán, àwọn apínná 11 tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fà lé aládàáni lọ́wọ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2013 fún NERC ní ohun tó lè fi wé ara wọn.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká wá sórí owó ìrànwọ́ iná tí gbogbo wa ń gbọ́ nínú ìròyìn. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ ni owó ìrànwọ́ rí. Ti Hotelling, owó òpó nìkan ló ń san. Yúnìtì kọ̀ọ̀kan ń bọ́ ara rẹ̀, nítorí náà ilé-iṣẹ́ kò ní ìdí láti sá fún oníbàárà. Èyí tí a ń san ní Nàìjíríà ń ṣe ohun mìíràn.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, NERC kéde pé àwọn oníbàárà Báńdì A, àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ó kéré tán 20 wákàtí lójúmọ́, yóò máa san 225 náírà lórí yúnìtì kan. Nǹkan bí 68 náírà ni wọ́n ń san tẹ́lẹ̀. Àjọ náà ní wọ́n jẹ́ nǹkan bí 15 nínú ọgọ́rùn-ún oníbàárà, àmọ́ wọ́n ń lo nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún iná. Àwọn yòókù dúró sórí iye àtijọ́. Bí 225 náírà yẹn bá jẹ́ ìpíndọ́gba, ìnáwó òpó àti iná lápapọ̀, kí ni owó àfikún tó wà nínú rẹ̀?

Gáàsì ni a lè fi wọ̀n ọ́n. Iye tí ìjọba fi lélẹ̀ fún gáàsì tó ń lọ sí ilé-iṣẹ́ amúnáwá ní oṣù kẹrin náà jẹ́ dọ́là 2.42 lórí òṣùwọ̀n kan. Ẹ̀rọ tó bá ṣe dáadáa díẹ̀ yóò mú nǹkan bí 100 yúnìtì jáde láti inú òṣùwọ̀n yẹn. Ká ní dọ́là kan jẹ́ 1,400 náírà, yúnìtì kan ti jẹ gáàsì 34 náírà. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo yúnìtì mẹ́wàá tó wọ wáyà apínná, nǹkan bí mẹ́rin ni owó rẹ̀ kì í padà wọlé: òmíràn sọnù nínú wáyà, wọ́n jí òmíràn, òmíràn sì wà nínú gbèsè tí kò sẹ́ni tó san. Mẹ́fà tó kù ló ń gbé gáàsì mẹ́wàá. 34 náírà ti di 57, kò sì tíì sí owó páìpù gáàsì nínú rẹ̀, tàbí epo ẹ̀rọ, tàbí àtúnṣe. Bí a bá fi wọ́n kún un, ó ti gun 68 náírà lórí. Iye àtijọ́ yẹn kò kájú owó àfikún, ká má tilẹ̀ tíì sọ ti òpó.

Ìyàtọ̀ ńlá ni. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń pàdánù lórí yúnìtì kọ̀ọ̀kan yóò fẹ́ ta èyí tó kéré jù. Ní Nàìjíríà, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé iná káàkiri orílẹ̀-èdè ti fẹ̀sùn kan àwọn apínná lọ́pọ̀ ìgbà pé wọ́n kọ iná tí wọ́n gbé fún wọn. Ará àdúgbò jókòó sókùnkùn, iná wà ní ẹnu ọ̀nà ìlú, ẹni tó yẹ kó tà á ní òun kò fẹ́. Ìwà ibi kọ́ ló kọ́kọ́ fa èyí, ìṣirò ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú owó ìrànwọ́ tó wà ní àdúgbò rẹ̀ lè wo ibẹ̀: ṣé inú ilé-iṣẹ́ náà dùn nígbà tí oníbàárà tuntun dé, àbí ó ń fi í ṣeré?

Ohun kejì tó bà á jẹ́ ni pé owó ìrànwọ́ tí Hotelling ń sọ jẹ́ èyí tí ìjọba san ní tòótọ́, lákòókò. Tiwa sábà máa ń jẹ́ ìlérí. Apínná kò rí i gbà, kò san owó amúnáwá pé. Amúnáwá kò san owó gáàsì pé. Ẹni tó ni gáàsì ti páìpù. Ní 2017, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí 701 bílíọ̀nù náírà kí àwọn amúnáwá lè máa rí owó wọn gbà. Nígbà tó fi di 2025, gbèsè náà ti ga débi pé ìjọba ń ṣètò bọ́ǹdì 4 tírílíọ̀nù náírà láti fi san án. Bọ́ǹdì kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹni tó tan gílóòbù lánàá ní iye tó rọrùn, ọmọ rẹ̀ ni yóò san ìyókù pẹ̀lú èlé.

Ó tún ku àwọn tí kò ní mítà, wọ́n sì pọ̀. Wọ́n ń gba ìwé tí wọ́n fojú díwọ̀n owó rẹ̀. Fún ẹni bẹ́ẹ̀, yálà iye ìpíndọ́gba ni tàbí iye àfikún, ọ̀rọ̀ náà kò kàn án: iye kan náà ni ìwé yóò sọ, ó pa iná ìta lójúmọmọ tàbí kò pa á. Yúnìtì kan sí i jẹ́ òfo lójú rẹ̀. Gbogbo ìṣirò tí a ti ń bá bọ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí mítà bá ti wà lára ògiri.

Ẹni tó bá wá gbé iye ìpíndọ́gba ga kíákíá gbọ́dọ̀ ṣọ́ ibi tí oníbàárà ńlá ń wò. Ilé-iṣẹ́ ìfọpo Dángótè ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kki kọ́ ilé amúnáwá tirẹ̀ tó lè mú 435 mẹ́gáwáàtì jáde, nígbà tí iná gbogbo orílẹ̀-èdè kì í sábà ju 5,000 lọ. Oníbàárà tó bá kúrò kò kó òpó lọ. Owó ìpìlẹ̀ rẹ̀ yóò bọ́ sí orí àwọn tó kù, iye yóò tún ga, òmíràn yóò tún ra sólà. Ní ìlú wa tó ní 1,600 ilé, bí àwọn tó ń lo ìdá mẹ́rin iná bá lọ, 80 náírà kò ní tó mọ́: àwọn tó kù, bí wọn kò bá tilẹ̀ dín iná kù, yóò san nǹkan bí 93.

Òfin iná tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní 2023 ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sún mọ́lé. Láti 2024, Èkìtì àti Oǹdó ti ń gba àkóso iná ìpínlẹ̀ wọn lọ́wọ́ NERC, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé wọn, títí kan Ọ̀yọ́, Èkó àti Ògùn. Àjọ ìpínlẹ̀ lè yẹ owó òpó àti wáyà wò, kó sì gé e. Kò lè sọ iye tí gáàsì yóò jẹ́. Ní Enúgu, àjọ ìpínlẹ̀ náà ní kí Báńdì A wálẹ̀ láti nǹkan bí 209 náírà sí 160 láti oṣù kẹjọ ọdún 2025. Ó gé ìnáwó apínná, ó sì ṣírò iná tí wọ́n ń rà ní iye tí owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ ti dín kù. Ilé-iṣẹ́ apínná náà fárígá. Àwọn amúnáwá sì béèrè láti ẹ̀yìn pé ta ni yóò wá san ìyókù, torí Àbújá kò tíì san ti àtẹ̀yìnwá.